NPS yín já láti 20 sí 5: ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tí ẹ bi

*"Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní Ìpakodò, ní Ìkòròdú níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Falómọ la máa ń kó èrò lọ. NPS wa, ìyẹn òǹkà tí a fi ń mọ̀ bóyá èrò á gba ẹlòmíràn níyànjú láti wọ ọkọ̀ wa, jẹ́ 20 ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó wá já sí 5 ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Èèyàn 200 la bi nígbà méjèèjì. Ọ̀gá wa ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èèyàn 5 péré nínú 100 ló fẹ́ràn wa, ó sì fẹ́ gé ajẹmọ́nú àwọn awakọ̀. Ṣé lóòótọ́ la ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Mo fi ìwé ìdáhùn ránṣẹ́ pẹ̀lú."*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín kó má tíì fọwọ́ kan ajẹmọ́nú ẹnikẹ́ni. Mo ka ìwé ìdáhùn tí ẹ fi ránṣẹ́ láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà tó gbẹ̀yìn, mo sì tún gbogbo rẹ̀ ṣírò fúnra mi. Ìṣirò yín tọ́, 20 náà jẹ́ 20, 5 náà sì jẹ́ 5. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìtumọ̀ tí ẹ fún un. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ò fi hàn pé iṣẹ́ àwọn awakọ̀ bàjẹ́ rárá. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ká ti ibi 5 nínú 100 yẹn bẹ̀rẹ̀, torí òun ló dá ìpayà sílẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni NPS dúró lé: láti 0 dé 10, báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó pé wàá gba ọ̀rẹ́ tàbí ẹlẹgbẹ́ rẹ níyànjú pé kó wọ ọkọ̀ wa? Ẹni tó bá mú 9 tàbí 10, olùpolówó la pè é. Ẹni tó bá mú 7 tàbí 8, aláàárín ni. Ẹni tó bá mú ohunkóhun láti 0 dé 6, aláròyé ni. Ẹ ó wá wo iye olùpolówó nínú 100, ẹ ó yọ iye aláròyé nínú 100 kúrò lára rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni NPS. Nínú ìwádìí yín kejì, èèyàn 74 nínú 200 ni olùpolówó, ìyẹn 37 nínú 100. Èèyàn 64 ni aláròyé, ìyẹn 32 nínú 100. Ẹ yọ 32 kúrò nínú 37, ó ku 5. Èèyàn 37 nínú 100 ló mú 9 tàbí 10 fún yín, kì í ṣe 5. Èèyàn 31 míì nínú 100 wà láàárín, inú wọn ò bàjẹ́, àmọ́ wọn ò ní torí yín pariwo lójú ọ̀nà. Àṣẹ́kù lẹ́yìn ìyọkúrò ni 5 yẹn. Kò kà á pé èèyàn mélòó ló fẹ́ràn yín. Kò sì dà bíi máàkì ilé ìwé, nítorí pé ó lè lọ sísàlẹ̀ òdo: láti 100 òdì, bí gbogbo ayé bá jẹ́ aláròyé, títí dé 100, bí gbogbo ayé bá jẹ́ olùpolówó. Bí ó bá jẹ́ 0, iye olùpolówó àti ti aláròyé dọ́gba ni.

Bí ẹ bá kó àwọn ìdáhùn náà sí inú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì, láti ẹsẹ̀ kejì dé ẹsẹ̀ 201 ní òpó B, ohun tí ẹ máa tẹ̀ nìyí:

```
=(COUNTIF(B2:B201,">=9")-COUNTIF(B2:B201,"<=6"))/COUNT(B2:B201)*100
```

Ẹ kíyè sí ibì kan tó máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí èrò kan ò bá dáhùn ìbéèrè yẹn, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Àwọn akọ̀wé kan a máa fi 0 dí àyè náà kí ìwé lè mọ́ lójú, bẹ́ẹ̀ 0 yẹn ti sọ ẹni tí kò sọ nǹkan kan di aláròyé tó burú jù lọ. Èèyàn mẹ́wàá péré bẹ́ẹ̀ nínú 200 á fa NPS lulẹ̀ ní bíi 5. Mo wò ó nínú tiyín, kò sí irú rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ṣe dáadáa.

Ó wá kan bóyá ìjáwálẹ̀ láti 20 sí 5 jẹ́ òótọ́. Èèyàn 200 lẹ bi, ẹ ò bi gbogbo ẹni tó wọ ọkọ̀ yín láàárín oṣù mẹ́ta. Ká ní lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ tún bi èèyàn 200 míì tí ẹ ṣà láìṣojúsàájú, NPS tí ẹ máa rí ò ní jẹ́ 20 géérégé. Ó lè jẹ́ 13, ó lè jẹ́ 26, láìsí pé ẹnikẹ́ni yí ìwà padà. A lè ṣírò bí ìyí-sókè-yí-sódò yìí ṣe fẹ̀ tó. Bí P bá jẹ́ ìdá olùpolówó, tí D jẹ́ ìdá aláròyé, tí n sì jẹ́ iye èèyàn tó dáhùn:

```
196 * SQRT( (P + D - (P - D)^2) / n )
```

Nínú ìwádìí yín àkọ́kọ́, olùpolówó jẹ́ 88, aláròyé 48, aláàárín 64. P jẹ́ 0.44, D sì jẹ́ 0.24. Ìṣirò náà fún wa ní nǹkan bí 11. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé 20 yẹn lè jẹ́ ibikíbi láàárín 9 àti 31 lọ́dọ̀ gbogbo èrò yín lápapọ̀, bí a bá fẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀ dé ìwọ̀n 95 nínú 100. Ti ìwádìí kejì fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, bí 11 àti ààbọ̀. Nígbà tí ẹ bá wá ń fi ìwádìí kan wé èkejì, àìdájú méjèèjì ló pàdé. A ò ní kàn ro wọ́n pọ̀, a máa sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, a ro ó pọ̀, a wá wá gbòǹgbò rẹ̀. Ó fún wa ní nǹkan bí 16. Ìjáwálẹ̀ yín jẹ́ 15. Ó ṣì wà láàárín ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sún mọ́ etí ibi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Bó ṣe jẹ́ NPS ló fà á tó fẹ̀ báyìí: iye méjì lẹ ń yọ lára ara wọn, ìkọ̀ọ̀kan ló sì ń mì. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké pé kí wọ́n má fi NPS èèyàn 50 tàbí 60 ṣe ìpinnu owó kankan. Ní èèyàn 50, pẹ̀lú irú ìdáhùn tiyín, àìdájú náà á tó 22 sókè, 22 sísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ sá sábẹ́ ìyẹn nìkan. Nígbà tí mo rí i pé ó sún mọ́ etí, mo wo òpó mìíràn nínú ìwé yín, èyí tí ẹ ti béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni èrò ń wọ ọkọ̀ yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, èèyàn 160 nínú 200 jẹ́ èrò ojoojúmọ́, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba orí ọ̀sà lọ sí Èkó láàárọ̀ kùtù. Èèyàn 40 péré ni èrò ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbà kejì, èrò ojoojúmọ́ jẹ́ 80, èrò ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan sì di 120. Mo wo déètì tó wà lórí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ó sì yé mi bó ṣe ṣẹlẹ̀: ìwádìí àkọ́kọ́, orí Wọ́sáàpù àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ti wá. Ìwádìí kejì, ìwé lẹ pín ní jẹ́tì, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú ni wọ́n sì kọ sórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó ń lọ òde ìgbéyàwó, àwọn tó ń lọ kí ẹbí, àwọn tí ọkọ̀ ojú omi ṣì ń dẹ́rù bà, àwọn lẹ bá níbẹ̀.

Ẹ wá ṣírò NPS agbo kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Èrò ojoojúmọ́ nígbà àkọ́kọ́: nínú 160, olùpolówó 80, aláròyé 32. Ìyẹn 50 yọ 20, ó ku 30. Nígbà kejì: nínú 80, olùpolówó 44, aláròyé 16. Ìyẹn 55 yọ 20, ó ku 35. Ó gòkè. Èrò ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà àkọ́kọ́: nínú 40, olùpolówó 8, aláròyé 16. Ìyẹn 20 yọ 40, ó jẹ́ 20 òdì. Nígbà kejì: nínú 120, olùpolówó 30, aláròyé 48. Ìyẹn 25 yọ 40, ó jẹ́ 15 òdì. Òun náà gòkè. Agbo méjèèjì gòkè ní 5, síbẹ̀ nígbà tí ẹ dà wọ́n pọ̀, àpapọ̀ já wálẹ̀ ní 15. Ẹni tó bá po gààrì funfun mọ́ pupa lónìí, tó bu pupa púpọ̀ sí i lọ́la, á rí i pé àwọ̀ rẹ̀ yí padà, bẹ́ẹ̀ funfun ò yí padà, pupa náà ò yí padà. Ìwọ̀n tí ó pò ló yí.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Ẹ lọ sí ìwé tíkẹ́ẹ̀tì yín, ẹ wo iye ìrìn àjò tó jẹ́ ti tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, àti iye tó jẹ́ ti àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Mi ò ní ìwé yẹn lọ́wọ́, torí náà ẹ jẹ́ kí n fi 70 àti 30 ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá jẹ́ 70 nínú 100 ni ti èrò ojoojúmọ́, ẹ ó sọ NPS wọn di ìlọ́po 0.7, ẹ ó sọ ti èrò ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po 0.3, ẹ ó ro ó pọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ á jẹ́ 21 yọ 6, ìyẹn 15. Ìgbà kejì á jẹ́ 24.5 yọ 4.5, ìyẹn 20. Ohun tí ọ̀gá rí bí ìjáwálẹ̀ láti 20 sí 5 wá di ìgòkè láti 15 sí 20. Àmọ́ ẹ má lọ fi ìgòkè yẹn ṣe àríyá o. Nígbà tí mo ṣírò àìdájú tiẹ̀ náà, ó jẹ́ bíi 17, ìgòkè 5 ò sì tó nǹkan lára rẹ̀. Ohun tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé kò sí ẹ̀rí ìbàjẹ́ nínú ìwé yìí. Mi ò lè sọ pé ẹ̀rí ìdàgbàsókè wà níbẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ fi béèrè náà tún ní ọwọ́ tiẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì lè yọ ọ́ kúrò pátápátá nínú ìṣirò òkè yẹn. Mo ti dúró ní jẹ́tì rí níbi tí ọmọ iṣẹ́ tó ń bá èrò wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tún fún ní ìwé ìwádìí pín. Ìyá kan gba ìwé, ó gbójú sókè wo ọmọ náà, ó bi í pé, "Èwo ni kí n mú tí wọn ò fi ní bá ẹ wí?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí 10. Kò sí ẹni tó ṣe ìbàjẹ́ níbẹ̀, ìyá ń ṣàánú ọmọ ni. Ṣùgbọ́n 10 yẹn ò sọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Lórí fóònù ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wo èèyàn lójú, àwọn àgbà kan wà tí wọn kì í fún ẹ̀dá ní 10, wọ́n ní Ọlọ́run nìkan ló pé, wọ́n á mú 8 fún ohun tí wọ́n ń yìn láàárọ̀ lálẹ́. Lójú NPS, aláàárín ni wọ́n. Nítorí náà, ẹ má fi ìdáhùn orí ìwé wé ti orí fóònù. Ẹ mú ọ̀nà kan, kí ẹ sì dì í mú. Bí ó bá jẹ́ èmi, fóònù ni màá mú, lẹ́yìn tí èrò bá ti sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé kò sí òṣìṣẹ́ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn tí kò ní dátà àti àwọn àgbà tí kì í fẹ́ tẹ fóònù á bọ́ sẹ́yìn, ẹ sì ní láti fi ìpè ojú fóònù díẹ̀ kún un fún wọn.

Ohun kan tún wà tí mo rò pé ó yẹ kí ọ̀gá yín mọ̀ nípa NPS fúnra rẹ̀. Fred Reichheld ló gbé e jáde lọ́dún 2003, nínú àpilẹ̀kọ kan ní ìwé ìròyìn Harvard Business Review. Ìwà àwọn oníbàárà ló fi pín 0 dé 10 sí agbo mẹ́ta yẹn: àwọn tó mú 9 tàbí 10 ló ń padà wá rajà jù, tí wọ́n sì ń mú ẹlòmíràn wá. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìbéèrè náà kì í wúlò tó bẹ́ẹ̀ níbi tí oníbàárà ò bá ti ní ibòmíràn tó máa lọ. Ẹ ro ti Ìkòròdú wò. Ẹni tó ń gbé níbí, tó fẹ́ dé Falómọ kí aago mẹ́jọ tó lù, kí ló tún ní yàtọ̀ sí ọ̀sà? Ọ̀nà Máìlì 12 ni, ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè mú 9 fún yín torí pé ó sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kó má jẹ́ nítorí pé ẹ ṣe é dáadáa. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ mìíràn bá gbéra ní jẹ́tì kan náà ní owó kan náà, á kọjá sọ́dọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí màá fi wo iye tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń tún rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 35 ti èrò ojoojúmọ́ kí n tó gbà á gbọ́. Ìwádìí yìí ò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti fi yín sílẹ̀ rárá, torí àwọn tó ṣì ń wọ ọkọ̀ lẹ bá ní jẹ́tì.

Ohun tó dúró gbọn-in nínú gbogbo ìwé yín, tí kò mì láti ìgbà kan sí èkejì, ni 40 nínú 100 tó jẹ́ aláròyé láàárín èrò ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́ 40 nígbà àkọ́kọ́, ó tún jẹ́ 40 nígbà kejì. NPS ò lè sọ ìdí rẹ̀ fún yín, àfi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ sábẹ́ rẹ̀. A dúpẹ́ pé ẹ fi àyè sílẹ̀ fún wọn. Mo ka ti àwọn 48 ìgbà kejì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ju ìdajì lọ ló ń sọ ohun kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà: wọ́n ti wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti jókòó sínú ọkọ̀, ọkọ̀ ò gbéra títí tó fi kún. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ìyàwó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì kí òun tó kúrò ní Ìpakodò. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló mẹ́nu ba eré tí awakọ̀ ń sá. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ọkọ̀ máa ń tètè kún, nítorí náà èrò ojoojúmọ́ kì í mọ̀ ọ́n lára. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ó máa ń pẹ́. Ta ló sì pàṣẹ pé kí ọkọ̀ má gbéra títí tó bá kún? Ọ́fíìsì ni. Awakọ̀ ò láṣẹ láti gbéra pẹ̀lú àyè ìjókòó mẹ́jọ lófìfo. Bí ọ̀gá bá gé ajẹmọ́nú rẹ̀, ẹ ti fìyà jẹ ẹni tí kò ní ọwọ́ nínú ẹ̀, àwọn 48 yẹn á sì tún kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú ọ̀gá lórí ìyẹn, mi ò sì ní díbọ́n pé ọ̀kan nínú wọn rọrùn. Ó lè fi aago kan pàtó sí ìrìn àjò Àbámẹ́ta àti Àìkú, kí ọkọ̀ gbéra bó kún bí kò kún. Epo tó máa jó fún àyè òfìfo á wọ̀ ọ́ lára, ó sì gbọ́dọ̀ fi iye tíkẹ́ẹ̀tì òpin ọ̀sẹ̀ ṣírò bóyá ó lè gbé e. Tàbí kí ó lo ọkọ̀ tó kéré lópin ọ̀sẹ̀, bí ó bá ní i, kó lè tètè kún. Bí kò bá lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, ó kéré tán, kí ẹ sọ fún èrò kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì pé iye èèyàn báyìí ló ṣẹ́ kù kí ọkọ̀ tó gbéra. Èyí tó kẹ́yìn yìí ò ná yín ní kọ́bọ̀, àmọ́ mi ò lè ṣe ìlérí pé á gbé NPS yín sókè. Ó ṣeé ṣe kó kàn dín ìbínú kù.

Fún ìwádìí tó ń bọ̀, ẹ pinnu ṣáájú iye èrò tí ẹ máa bi nínú agbo kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi bí 200 nínú ti ojoojúmọ́ àti 200 nínú ti ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́nà kan náà, ní ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà tó tẹ̀ lé e. Ẹ kọ NPS agbo méjèèjì sí iwájú ọ̀gá kí ẹ tó kọ àpapọ̀, kí ẹ sì kọ àìdájú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí èrò ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan bá kúrò ní 15 òdì tó dé 5 lókè òdo lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi aago sí ìrìn àjò, ìyẹn á ju àìdájú lọ díẹ̀, ọ̀gá yín á sì ní ohun tó dúró lórí ilẹ̀ láti fi pinnu owó. Bí ó bá gòkè ní 3 tàbí 4 péré, ẹ dúró de ìwádìí kan sí i.